Ṣé Páráláàsì Ni Lóòótọ́? Bí A Ṣe Wá Àṣìṣe Tó Wà Nínú Dẹ́ńsítì Ìṣó Wa

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tíṣà físíìsì wa dá ìwé práktíkà wa padà. Lábẹ́ iṣẹ́ tí a ṣe lórí dẹ́ńsítì ìṣó, mo ti kọ ohun tí gbogbo wa máa ń kọ: "Àṣìṣe tó wọ iṣẹ́ yìí jẹ́ ti páráláàsì. A dín in kù nípa pé a ka ìwọ̀n náà lẹ́ẹ̀marùn-ún." Ọ̀gá fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn yẹn, wọ́n sì kọ ìbéèrè méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Irú àṣìṣe wo? Báwo lo ṣe mọ̀?" Márùn-ún nínú mẹ́wàá ni mo gbà. Mo wo ìwé àwọn ọ̀rẹ́ mi, ìbéèrè kan náà ló wà níbẹ̀, torí gbólóhùn kan náà ni gbogbo wa kọ. Kí n má purọ́, inú ìwé àwọn tó ṣáájú wa la ti dà á kọ.

Mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àṣìṣe kí ni ká wá kọ?" Wọ́n ní, "Èmi ò sí níbi tí ẹ ti ń wọn nǹkan. Ẹ padà sí láàbù, kí ẹ bi ìṣó yín." A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn aago ìparí, àwa mẹ́rin tí a jọ wà ní tábìlì kan náà padà lọ lóòótọ́. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí, torí mo mọ̀ pé àwọn kíláàsì tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà yóò kọ "páráláàsì" tiwọn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ náà kò le. A fẹ́ mọ dẹ́ńsítì irin tí wọ́n fi ṣe ìṣó, ìyẹn bí cm³ kan rẹ̀ ṣe wúwo tó. A gbé ìṣó sórí ìwọ̀n láti mọ iye gíráàmù rẹ̀, èyí ni m. Lẹ́yìn náà a bu omi sínú sílíńdà gíláàsì tí wọ́n fa ìlà sí lára títí ó fi dé 60 cm³, a rọra da ìṣó sí i, omi sì gòkè. Iye tí omi fi gòkè ni àyè tí ìṣó gbà, èyí ni V. A wá fi V pín m, ó tán: ρ = m/V. Ìṣó ínṣì méjì àbọ̀ la lò, gbogbo rẹ̀ láti inú páálí kan náà.

Tábìlì tiwa lo ogójì ìṣó. Ìwọ̀n sọ pé 162 g ni, nígbà gbogbo tí a gbé e sí i. Omi ni kò fẹ́ dúró sójú kan. Ní ìgbà márùn-ún tí a tún un ṣe, ó gòkè pẹ̀lú 20.0, 20.5, 19.5, 20.5 àti 19.5 cm³. Tí ẹ bá kó o pọ̀ tí ẹ fi márùn-ún pín in, 20.0 ni. Dẹ́ńsítì tiwa wá jẹ́ 8.1 g/cm³. Inú wa dùn, torí ìwé wa sọ pé ti irin jẹ́ bíi 7.9, a sì rò pé a ti sún mọ́ ọn tó. Ṣùgbọ́n àwọn tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ìṣó mẹ́wàá péré ni wọ́n lò. Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wa ń tò sí. Tiwọn jẹ́ 45 g, omi gòkè pẹ̀lú 5.0 cm³ tí wọ́n bá pín in dọ́gba, dẹ́ńsítì wọn sì jẹ́ 9.0. A fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà pé ojú ń dùn wọ́n. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn nínú ìwé ìròyìn yìí, torí nọ́ńbà wọn yẹn ló padà tú àṣírí gbogbo wa.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ irú àṣìṣe méjì tí Ọ̀gá ń béèrè. Ẹ ronú nípa ìyá tó ń ta gàrí. Nígbà tó bá ń wọn kọ́ńgò, òkìtì tó ń kó lé e lórí kì í rí bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà mìíràn ó ga díẹ̀, inú oníbàárà á dùn. Nígbà mìíràn ọwọ́ á yọ̀, gàrí á dà sílẹ̀, oníbàárà á ní kó fi díẹ̀ sí i. Tí ẹ bá ra kọ́ńgò ogún, eléyìí tó pọ̀ àti eléyìí tó dín yóò máa dí ara wọn. Èyí ni wọ́n ń pè ní ráńdọ̀mù. Èmi yóò pè é ní àṣìṣe síhìn-ín-sọ́hùn-ún, torí bó ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé wọ́n ti lu ìdí kọ́ńgò yẹn wọnú ńkọ́? Gbogbo kọ́ńgò tí ẹ bá rà ló dín. Bí ẹ ra ogún, ogún ló dín, kò sí èyí tó máa san gbèsè èkejì. Èyí ni sìsìtẹmátíìkì, mo sì ń pè é ní àṣìṣe ọlọ́nà-kan, torí apá kan ṣoṣo ló máa ń fà sí. Ẹ kíyè sí ohun kan: ẹ lè ra gàrí lọ́dọ̀ ìyá yìí fún odindi ọdún kan láìmọ̀, torí kọ́ńgò òní bá ti àná mu dáadáa. Ọjọ́ tí ẹ bá wọn gàrí náà pẹ̀lú kọ́ńgò ẹlòmíràn nílé ni ojú yín máa là.

Ó wá yé mi ìdí tí gbólóhùn mi fi gba bírò pupa. Mo sọ pé a ka ìwọ̀n náà lẹ́ẹ̀marùn-ún láti dín àṣìṣe kù. Àṣìṣe síhìn-ín-sọ́hùn-ún nìkan ni kíkà lẹ́ẹ̀marùn-ún ń dín kù. Èyí sì wà nínú iṣẹ́ wa lóòótọ́: ìlà ara sílíńdà wa jìnnà sí ara wọn ní 1 cm³, ojú wa kò sì lè ya ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń bọ́ sí 19.5 nígbà kan, sí 20.5 nígbà mìíràn. Tí ẹ bá pín in dọ́gba, apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ á pa ara wọn rẹ́ díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o. Ẹ gbọ́dọ̀ ka nǹkan lẹ́ẹ̀mẹrin kí ìṣípòpadà inú ìdáhùn yín tó dín sí ìdajì, kí ẹ sì kà á lẹ́ẹ̀mẹrìndínlógún kó tó dín sí ìdá mẹ́rin. Ẹ̀yìn ìyẹn, ó máa ń sú èèyàn.

Ṣùgbọ́n 162 g yẹn kò yí padà rárá. Àwa rò pé nítorí pé kò yí padà, òótọ́ ni. Ibi tí a ti ṣìnà gan-an nìyí. Nọ́ńbà tó bá ara rẹ̀ mu nígbà márùn-ún fi hàn pé àṣìṣe síhìn-ín-sọ́hùn-ún inú rẹ̀ kéré. Kò sọ ohunkóhun fún wa nípa ìdí kọ́ńgò.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ náà, a jókòó ti nọ́ńbà méjì yẹn, 8.1 àti 9.0. Ọ̀rẹ́ mi kan ní, "Àbí ìṣó mẹ́wàá wọn wúwo ju tiwa lọ ni?" Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Páálí kan náà ni, irin kan náà sì ni. Dẹ́ńsítì kì í wo iye tó wà nílẹ̀: irin díẹ̀ àti irin púpọ̀, bákan náà ló yẹ kí cm³ kan wọn wúwo. Tí dẹ́ńsítì bá ń yí padà bí iye ìṣó ṣe ń yí padà, nínú ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n ni ká ti wá ẹjọ́, kì í ṣe nínú ìṣó.

Síbẹ̀, nọ́ńbà méjì péré lè tan èèyàn jẹ. Pẹ̀lú ìṣó mẹ́wàá, ìdajì cm³ tí ojú ṣì kà pọ̀ gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ 5 cm³. Lára ìgbà márùn-ún tí àwọn ará fèrèsé tún tiwọn ṣe, wọ́n rí 8.2 nígbà kan, wọ́n sì rí 10 nígbà mìíràn. Ó lè jẹ́ oríire lásán ló gbé wọn sókè. Nítorí náà a pinnu láti wọ̀n ọ́n láti mẹ́wàá dé àádọ́ta, mẹ́wàá mẹ́wàá, kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí a rí nìyí:

Ìṣó 10: 45 g, 5.0 cm³
Ìṣó 20: 84 g, 10.0 cm³
Ìṣó 30: 123 g, 15.5 cm³
Ìṣó 40: 162 g, 19.5 cm³
Ìṣó 50: 201 g, 25.0 cm³

Tí ẹ bá fi V pín m ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí 9.0, 8.4, 7.9, 8.3 àti 8.0. Ẹ wo ohun méjì níbẹ̀. Wọ́n ń fò sókè sódò, 7.9 wá ṣáájú 8.3, ìyẹn ni síhìn-ín-sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá di ojú yín díẹ̀, ẹ ó rí i pé àpapọ̀ wọn ń sọ̀kalẹ̀ bí ìṣó ṣe ń pọ̀ sí i, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tó bọ́ sábẹ́ 7.9. Tó bá jẹ́ síhìn-ín-sọ́hùn-ún nìkan ló wà níbẹ̀, ó yẹ kí àwọn kan bọ́ sí abẹ́ rẹ̀ bí àwọn kan ṣe wà lókè.

A wá ya gíráàfù. A fi V sí ìlà ìbú, a fi m sí ìlà òòró, a fi ààmì sí márààrún, a sì fa ìlà gbọọrọ kan láàárín wọn pẹ̀lú rúlà tó mọ́lẹ̀ kí a lè rí ààmì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ààmì kẹta bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìlà díẹ̀, ààmì kẹrin yọ sókè díẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bíi 4 g. Ẹ má gbàgbé pé ìdajì cm³ irin jẹ́ bíi 4 g. Nítorí náà ìyẹn kan náà ni ìdajì ìlà tí ojú wa kò lè yà. Ààmì tó ń tú ká yí ìlà ká: ibẹ̀ ni síhìn-ín-sọ́hùn-ún ń gbé nínú gíráàfù.

Ìlà náà fúnra rẹ̀ ló yà wá lẹ́nu. Tí kò bá sí ìṣó nílẹ̀ rárá, V jẹ́ òdo, ó sì yẹ kí m náà jẹ́ òdo. Ìlà ọ̀hún yẹ kó kọjá ní orígun ibi tí òdo méjèèjì ti pàdé. Tiwa kò kọjá níbẹ̀. Ó gé ìlà òòró ní ibi tó tó 5 g. Ìyẹn ni pé gíráàfù ń sọ fún wa pé tí kò bá sí ìṣó kankan lórí ìwọ̀n, ìwọ̀n yóò ṣì sọ pé nǹkan bíi 5 g wà níbẹ̀. Àwa mẹ́rin wo ara wa. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó tíì wo ìwọ̀n yẹn nígbà tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀.

A lọ wò ó. 6 g. Ẹnì kan gbé àwo rẹ̀ sókè ó sì yí i dojú dé: àbẹ́là tó ti yọ́ tó sì ti gbẹ ló lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àkàrà. Ó dá wa lójú pé ọjọ́ tí kíláàsì kan ṣe iṣẹ́ lórí iná ló ti wà níbẹ̀. A fi rúlà họ ọ́ kúrò, a wo ìwọ̀n, ó padà sí òdo. Kí a lè rí i dájú, a wọn àbẹ́là tí a họ náà, 6 g gééré.

Ẹ wá wo bí 6 g kan náà ṣe ṣe àwọn tábìlì méjèèjì. Òótọ́ ìṣó mẹ́wàá jẹ́ 39 g. 6 g lórí 39 kì í ṣe kékeré, ó gbé 7.8 dé 9.0. Òótọ́ ogójì ìṣó jẹ́ 156 g. 6 g lórí ìyẹn kò hàn tó bẹ́ẹ̀, ó gbé 7.8 dé 8.1 péré. Àwọn ará fèrèsé kò ṣe nǹkan kan tí àwa kò ṣe. Ìṣó tiwa tó pọ̀ ló bò wá láṣìírí. Tí ẹ bá sì lo ìdagẹ̀rẹ́ ìlà gíráàfù dípò pípín m lọ́kọ̀ọ̀kan, àbẹ́là kò ní lè fọwọ́ kàn án, torí pé ó gbé gbogbo ààmì sókè bákan náà. Ìlà wa lọ láti 5 g ní òdo dé 202 g ní 25 cm³. 202 dín 5 jẹ́ 197. Ẹ fi 25 pín in, 7.9 g/cm³ ni. Ìyẹn nìyí láti inú nọ́ńbà tí àbẹ́là ti bà jẹ́, kí a tó họ ohunkóhun. Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà á gbọ́.

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí gíráàfù sọ 5 nígbà tí àbẹ́là jẹ́ 6. Síhìn-ín-sọ́hùn-ún ni. Ààmì tó tú ká yẹn ń ti ìlà díẹ̀ sí ìhín díẹ̀ sí ọ̀hún, ibi tó ti gé òòró náà sì ń mì tẹ̀ lé e. Gíráàfù lè sọ fún yín pé nǹkan wà lábẹ́ àwo, ó sì lè fojú bu ìwọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè wọ̀n ọ́n gééré.

A rò pé a ti parí, a sì gbé gíráàfù lọ fún Ọ̀gá tí wọ́n ṣì wà ní ọ́fíìsì. Wọ́n yìn wá díẹ̀, wọ́n wá béèrè pé, "Tó bá jẹ́ pé ìlà yín kọjá ní orígun gééré ńkọ́, ṣé ó túmọ̀ sí pé kò sí àṣìṣe ọlọ́nà-kan?" A ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní ká lọ tú ìṣó tuntun látinú páálí, ká má nù ún, ká dà á sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìṣó tuntun ní òróró lára. Nígbà tí a da ogójì sínú omi gbúdù, afẹ́fẹ́ kékeré kékeré há sáàárín wọn, ó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Omi gòkè pẹ̀lú 21 cm³. A dà á kúrò, a tún un ṣe pẹ̀lú ìṣó tuntun mìíràn, 21 náà ni. Ó bára mu dáadáa! Àbẹ́là ti kúrò, nítorí náà m jẹ́ 156 g, dẹ́ńsítì sì jẹ́ 7.4. Lẹ́yìn náà a fi ìka lu ara sílíńdà, a sì fi wáyà tín-ín-rín ro ìṣó náà díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń yọ, omi ń sọ̀kalẹ̀ títí ó fi dé 20. Dẹ́ńsítì padà sí 7.8.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín afẹ́fẹ́ àti àbẹ́là nìyí, òun ló sì ṣòro jù fún mi. Àbẹ́là kan náà ló wà níbẹ̀ yálà ìṣó kan tàbí àádọ́ta. Ṣùgbọ́n bí ìṣó bá pọ̀, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín wọn náà á pọ̀. Tí kò bá sí ìṣó, kò sí afẹ́fẹ́. Ìlà gíráàfù yóò kọjá ní orígun gééré, ààmì rẹ̀ yóò tò lẹ́sẹẹsẹ, gbogbo rẹ̀ á lẹ́wà, ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ á sì jẹ́ irọ́. Èyí gan-an ni ti kọ́ńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀: bí ẹ bá ṣe rà á tó ni àdánù yín ṣe máa pọ̀ tó. Sílíńdà tí wọ́n fa ìlà ara rẹ̀ láìtọ́ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe lè rí irú eléyìí nínú nọ́ńbà tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ yí ọ̀nà padà, tàbí kí ẹ wọn ohun tí ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀.

A ṣe ìkejì yìí fún sílíńdà wa. A wọ̀n ọ́n lófìfo, a bu omi sí i dé 50 cm³, a tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi 50 g, bó ṣe yẹ kí omi rí. Sílíńdà kò purọ́. Ẹ kíyè sí i pé tí àbẹ́là bá tiẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àwo, ìdáhùn yìí kò ní yí padà, torí pé ẹ̀ẹ̀mejì la wọ̀n ọ́n tí a sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Àbẹ́là wà nínú méjèèjì, ó ti bá ìyọkúrò lọ.

Ìyọkúrò yìí ló gbé mi padà sí páráláàsì tí mo kọ. Omi inú sílíńdà máa ń tẹ̀ kòtò láàárín, ìsàlẹ̀ kòtò náà la sì ń kà, pẹ̀lú ojú tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkè yóò ka nọ́ńbà tó ga ju òótọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé V wa jẹ́ ìkà ìkẹyìn tí a yọ ìkà àkọ́kọ́ kúrò nínú rẹ̀. Tí mo bá wo méjèèjì láti òkè bákan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi 1 cm³ lé, 1 yóò bá 1 lọ, V á sì pé. Páráláàsì yẹn kò ṣe dẹ́ńsítì mi ní nǹkan kan! Tó bá jẹ́ pé orí mi dúró sójú kan tí omi ń gòkè wá bá ojú mi ńkọ́, ìkà àkọ́kọ́ yóò fi púpọ̀ lé, ìkẹyìn yóò fi díẹ̀ lé, V á kéré ju bó ṣe yẹ lọ, dẹ́ńsítì á ga, nígbà gbogbo. Ọlọ́nà-kan nìyẹn. Tó bá wá jẹ́ pé àwa mẹ́rin ń gba ọwọ́ ara wa kà á, ẹni gíga lónìí, ẹni kúkúrú lọ́la, ó di síhìn-ín-sọ́hùn-ún. Páráláàsì kan ṣoṣo, ìwà mẹ́ta. Nítorí náà tí ẹ bá kọ "páráláàsì" lásán sínú ìwé, ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè Ọ̀gá.

Nígbà tí a ń kó ẹrù wa, Ọ̀gá sọ ìtàn kan fún wa. Ní nǹkan bí ọdún 1892, onísáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n ń pè ní Lọ́ọ̀dù Rayleigh ń wá dẹ́ńsítì náítírójìn. Ó ń fi gáàsì náà kún inú ìgò róbótó kan, ó ń wọ̀n ọ́n. Náítírójìn tó rí látinú afẹ́fẹ́, lẹ́yìn tó ti yọ ọ́síjìn kúrò, máa ń wọn bíi 2.310 g. Èyí tó rí látinú àwọn oògùn kẹ́míkà máa ń wọn bíi 2.299 g nínú ìgò kan náà. Ìyàtọ̀ náà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹlòmíràn ì bá ní "àṣìṣe ni" kó sì pín méjèèjì dọ́gba. Ṣùgbọ́n ó ti wọ̀n wọ́n léraléra, ó sì mọ̀ pé síhìn-ín-sọ́hùn-ún tirẹ̀ kéré gan-an ju ìyàtọ̀ yẹn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti afẹ́fẹ́ ló máa ń wúwo jù, kò yí padà rí. Òun àti William Ramsay wá ìdí rẹ̀ títí di 1894, wọ́n sì rí i pé gáàsì mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló fara pamọ́ sínú náítírójìn afẹ́fẹ́. Ágọ́ọ̀nù nìyẹn, ó tó bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí a ń mí. Ní 1904 wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel, ọ̀kan ní físíìsì, èkejì ní kẹ́mísírì. Tiwọn jẹ́ ágọ́ọ̀nù, tiwa jẹ́ àbẹ́là. A ò bínú.

Mo tún ìjábọ̀ mi kọ lọ́jọ́ Ajé. Ohun tí mo kọ sábẹ́ àṣìṣe nìyí: "Nínú kíkà omi, nọ́ńbà ń tú ká pẹ̀lú ìdajì cm³ lápá méjèèjì; síhìn-ín-sọ́hùn-ún ni, a sì pín ìgbà márùn-ún dọ́gba láti dín in kù. Nínú ìwọ̀n, àṣìṣe ọlọ́nà-kan ti 6 g wà. A mọ̀ nítorí pé dẹ́ńsítì ń sọ̀kalẹ̀ bí ìṣó ṣe ń pọ̀ sí i, ìlà gíráàfù kò sì kọjá ní òdo. A rí ìdí rẹ̀, a sì mú un kúrò. A lu sílíńdà kí afẹ́fẹ́ lè jáde. A fi omi yẹ sílíńdà wò. Dẹ́ńsítì ìṣó jẹ́ 7.8 g/cm³."

Ọ̀gá fún mi ní mẹ́jọ. Bírò pupa tún wà lẹ́bàá 7.8 yẹn: "Pẹ̀lú tàbí dín mélòó?" A ti ní kọ́kọ́rọ́ láàbù lọ́wọ́ fún ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀.